Lẹ́tà tí Mo Kọ Nítorí Mọ́tò Bàbá Ojúọlá

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹjọ ọdún 1984, mo kọ lẹ́tà kan sí Bàbá Alfred Ojúọlá tí wọ́n ń gbé ní GRA nílùú Enugu. Ẹ̀dà rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo kọ ọ́ ní Yorùbá kí ó má bàa dà bí ìwé ìjọba. Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí:

“Bàbá wa ọ̀wọ́n, mo kí yín, mo sì kí Màmá. Bọ̀dá Felix sọ fún mi pé ẹ fẹ́ ta Peugeot 504 yín kí ẹ tó fẹ̀yìn tì padà sílé. Inú mi yóò dùn láti rà á. Lóònù ọ́fíìsì ni mo fẹ́ fi rà á, wọn kì í sì í fọwọ́ sí mọ́tò àlòkù bí wọn kò bá rí ohun mẹ́ta. Nítorí náà ni mo ṣe ń fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín. Àkọ́kọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yá mi ní ìwé sáfíìsì tó ń fi àtúnṣe mọ́tò náà hàn, tàbí rìsíìtì mẹ́káníìkì bí ìwé náà kò bá sí mọ́. Èkejì, ẹ jẹ́ kí fọ́tógíráfà ya fọ́tò rẹ̀ mẹ́rin, iwájú, ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí nọ́ńbà rẹ̀ hàn dáadáa. Èmi ni n ó san owó rẹ̀. Ẹ̀kẹta, ẹ fún wa láyè kí mẹ́káníìkì ọ́fíìsì wa wá wò ó lọ́jọ́ tó bá rọ̀ yín lọ́rùn, kí ó gbé e sókè, kí ó wo abẹ́ rẹ̀, kí ó sì wà á díẹ̀. Bí ó bá ni yín lára, ẹ má bínú sí mi. Èmi ọmọ yín, Láyíwọlá.”

Nísàlẹ̀ pátápátá, mo kọ ọ́ pé: “Ẹ̀dà: Akọ̀wé, Ẹgbẹ́ Ọmọ Yorùbá.”

Ìlà tó kẹ́yìn yẹn ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nídìí fáìlì ní ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀, lẹ́tà kan kò sì jáde lọ́wọ́ mi rí láìní ẹ̀dà. Ẹni tó bá ti lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ kan, a ó fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí i kí ó lè mọ ibi tí nǹkan dé. Felix, tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ní Enugu, ló ta mí lólobó pé wọ́n fẹ́ ta mọ́tò náà. Mo rò pé àìmoore ni bí n kò bá jẹ́ kí ó mọ̀ pé mo ti kọ̀wé. Ká ní orúkọ rẹ̀ ni mo kọ síbẹ̀, bóyá ìbá ti kà á tán nílé rẹ̀ kó sì tì í sábẹ́ ìrọ̀rí. Ṣùgbọ́n akọ̀wé ẹgbẹ́ ni mo kọ, Felix sì jẹ́ akọ̀wé tó mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ó yẹ kí n sọ ìdí tí mo fi fẹ́ wo abẹ́ mọ́tò. Ọ́fíìsì béèrè fún un lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ọ́fíìsì kò tilẹ̀ béèrè, èmi ìbá béèrè.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1980 ni mo ra Datsun lọ́wọ́ arákùnrin kan tó ń jẹ́ Adégbénga, tí a jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bi í nípa bíréèkì. Ó ní, “Bọ̀dá Láyíwọlá, ṣé èmi ni n ó wá purọ́ fún yín?” Ó tì mí lójú, mo sì sanwó. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kọkànlá ọdún náà, ní agogo mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ní òkè Milliken, mo tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ mi sì lọ títí ó fi kan ilẹ̀ mọ́tò. Mo darí mọ́tò náà sínú gọ́tà lẹ́bàá òkè, torí pé ọ̀gbun ló wà ní òdì kejì. Ẹ̀gbẹ́ tí Bọ́lánlé ìyàwó mi jókòó sí ló kọ́kọ́ lu àpáta. Oṣù mẹ́ta àti ọjọ́ mọ́kànlá ló lò ní ọsibítù. Wọ́n fi irin sí ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún, ẹsẹ̀ náà sì kúrú ju èkejì lọ, ọ̀pá ló sì fi ń rìn láti ìgbà náà. Mẹ́káníìkì tó tú Datsun náà fi hàn mí pé rọ́bà ni wọ́n fi di páìpù bíréèkì tó ti bẹ́, wọ́n sì fi wáyà so ó. Adégbénga wá kí wa ní ọsibítù. Ó mú ọsàn mẹ́fà wá, ó ní àmúwá Ọlọ́run ni.

Bọ́lánlé kò lè gun bọ́ọ̀sì mọ́. Àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì ga, àwọn èrò kì í sì í dúró de ẹni tó bá ń tiro. Láti Idaw River tí à ń gbé dé ṣọ́ọ̀ṣì, bọ́ọ̀sì méjì ni. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tó ti lọ ṣọ́ọ̀ṣì gbẹ̀yìn. Iṣẹ́ ìdáná tó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ilé ìwé kan, ó ti fi sílẹ̀. Ìdí tí mo fi tọrọ lóònù náà nìyẹn. Ọdún méjì ni mo fi dúró dè é kí ó tó kàn mí. Wọ́n ní bí mi ò bá mú mọ́tò kan wá, pẹ̀lú ìwé àti fọ́tò àti ìfọwọ́sí mẹ́káníìkì, kí ó tó di ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹsàn-án, fáìlì mi yóò padà sí Èkó. Ọdún náà kò sì dára, mọ́tò tuntun kò ṣe é sún mọ́. Ti Bàbá Ojúọlá nìkan ni owó mi ká.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, ẹgbẹ́ ṣe ìpàdé ní kíláàsì kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Alága gbàdúrà, Felix ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá, ó wá ní, “Ó kan lẹ́tà tó wọlé.” Méjì ló wọlé. Ọ̀kan wá láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ wa ní Onitsha. Èkejì ni tèmi.

Mo fẹ́ dìde. Akọ̀wé ti ṣí i. Felix kà á pẹ̀lú ohùn tó fi ń ka gbogbo ìwé, láìgbé ojú sókè. Nígbà tó dé “kí ó gbé e sókè, kí ó wo abẹ́ rẹ̀,” ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Obìnrin kan ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mọ́tò ni àbí ìyàwó ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò?” Ilé dà wó fún ẹ̀rín.

Bàbá Ojúọlá, tí wọ́n jókòó níwájú, kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi ọ̀pá wọn kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

“Akọ̀wé, ẹ dúró ná. Ẹ tún ibi rìsíìtì yẹn kà.”

Felix tún un kà.

“Láyíwọlá, dìde kí n rí ọ.” Mo dìde. “Èmi lo ní kí n mú rìsíìtì wá?”

“Bàbá, ọ́fíìsì ló...”

“Má sọ ọ́fíìsì fún mi! Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ Réluwé. Mọ́tò méjì ni mo ti tà nílùú yìí, kò sí ọmọ ìyá ẹni tó wo abẹ́ wọn. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni wọ́n rà. Mo kọ́kọ́ gba lẹ́tà rẹ ní ọjọ́ Ẹtì, mo ní ọmọdé ni, mo ń ronú ohun tí n ó sọ fún ọ. Àṣé o ti pe ẹgbẹ́ jọ lé mi lórí! Ẹ̀dà! Ó fi ẹ̀dà ránṣẹ́ bí ẹni tó mú mi lọ sí kóòtù!”

“Ẹ má bínú sà, nítorí pé Bọ̀dá Felix ló...”

“Ẹ má fà mí sí i,” ni Felix wí, ó sì ń ká ìwé rẹ̀. “Lẹ́tà wọlé, mo kà á.”

Alága dá sí i. Wọ́n ní àgbà kò ṣe é fi ìwé pè lẹ́jọ́. Wọ́n ní kí n mú ìyàwó mi lọ sílé Bàbá ní Sátidé, kí n dọ̀bálẹ̀, kí n sì kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Àwọn ènìyàn ní bẹ́ẹ̀ ló yẹ. Kò sí ẹni tó bi mí bóyá ohun tí mo béèrè tọ́ tàbí kò tọ́. N kì í pariwo. Bí inú bá ń bí mi, eyín ni mo máa ń dì mọ́ra, eyín mi sì ń dùn mí títí mo fi dé ilé.

Bọ́lánlé ń lọ aṣọ ilé ìwé Dorothy ọmọ wa. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó gbé irin kalẹ̀.

“Wọ́n ní kí o lọ dọ̀bálẹ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Kí lo jí?”

“Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wo ohun tí mo fẹ́ rà.”

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò bá a rẹ́rìn-ín. “Bàbá Dorothy, lọ dọ̀bálẹ̀. Ilẹ̀ kò ní gbé ọ mì. Ṣùgbọ́n tí o bá dìde nílẹ̀ yẹn tí ẹnikẹ́ni kò tíì wo abẹ́ mọ́tò náà, ìwọ nìkan ni wàá máa gùn ún. Mo ti sọ tèmi.”

Ní Sátidé, ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án, a wọ takisí lọ sí GRA. Mo ti bá Okwudili, mẹ́káníìkì ọ́fíìsì wa, sọ ọ́ pé kí ó dúró lẹ́nu géètì láti agogo mẹ́wàá, bóyá Ọlọ́run a ṣe é. Bàbá Ojúọlá jókòó sí fàráńdà, Alága àti Felix jókòó tì wọ́n. Mọ́tò náà wà lábẹ́ igi máńgòrò, funfun báláú, wọ́n ti fọ̀ ọ́ títí ó ń dán. Màmá Helen ìyàwó wọn dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọn kò jókòó, wọn kò sì kí wa tó bí wọ́n ṣe máa ń kí wa.

Mo dọ̀bálẹ̀. Símẹ́ńtì náà tutù lábẹ́ àyà mi. Bọ́lánlé fẹ́ kúnlẹ̀, ẹsẹ̀ kò gbà fún un, ó di igi fàráńdà mú.

“Dìde,” ni Bàbá wí. “Mo ti gbàgbé. Mú owó wá ní ọjọ́ Ajé, kí o mú mọ́tò lọ. Fọ́tò, yà á bó bá wù ọ́. Ṣùgbọ́n kò sí mẹ́káníìkì kan tí yóò wọ abẹ́ mọ́tò mi. Bá ọ́fíìsì rẹ sọ ọ́ pé èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀.”

N kò dìde. Mo sọ ọ́ láti ilẹ̀ níbẹ̀ pé, “Bàbá, mo tọrọ àforíjì nítorí ẹ̀dà. Àṣìṣe mi ni, kò sì yẹ. Ṣùgbọ́n n kò tọrọ àforíjì nítorí lẹ́tà.”

Alága ní, “Há! Láyíwọlá!”

Bàbá ti dìde. “Ẹ gbọ́ bí? Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ yìí ń sọ? Ìwọ tí o lọ ka ìwé ní alẹ́, ṣé ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pe àgbà ní olè? Nínú òkùnkùn níbẹ̀?”

Ọdún mẹ́rin ni mo fi ka ìwé alẹ́ yẹn, nídìí àtùpà, lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́. Mo dìde. Ṣùgbọ́n Bọ́lánlé ló sọ̀rọ̀.

“Bàbá, ẹ wò mí.” Ó gbé etí ìró rẹ̀ sókè títí dé orúnkún. Àpá náà gùn, ó sì ń dán. Kò sí ẹni tó mọ ibi tí yóò gbójú sí. “Ẹni tó ta mọ́tò tó ṣe èyí fún wa, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni. Kò pe ara rẹ̀ ní olè, àwa náà kò pè é. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Ẹ̀yin kọ́ là ń sá fún, sà. Ẹ jẹ́ kí a wo mọ́tò.”

“Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́,” ni Bàbá wí, ohùn wọn sì rọ̀ díẹ̀. “Ṣùgbọ́n mọ́tò yẹn yàtọ̀ sí tèmi. Tuntun ni mo ra tèmi ní ọdún 1979. Kò fara gbún igi rí. Mo lè fi Bíbélì búra.”

“Má búra.”

Màmá Helen ló sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa yíjú sí wọn.

“Kí lo wí?” ni Bàbá bi wọ́n.

“Mo ní má búra. Jẹ́ kí wọ́n wò ó.” Màmá jáde sí fàráńdà. “Bí o kò bá jẹ́ kí wọ́n wò ó, má tà á fún wọn.”

Bàbá kò gbọ́ ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé ìyàwó wọn náà ti gbè lẹ́yìn wa. Wọ́n ju kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sórí ilẹ̀ níwájú mi. “Ó dáa! Ẹ wò ó! Ẹ pe mẹ́káníìkì, ẹ pe fọ́tógíráfà, ẹ pe ilé iṣẹ́ rédíò! Bí ẹ bá wò ó tán tí ẹ kò rí nǹkan kan, Láyíwọlá, ìwọ náà á tún dọ̀bálẹ̀ níwájú gbogbo ìjọ.”

Mo ṣa kọ́kọ́rọ́ náà, mo sì pe Okwudili wọlé. Kò yára. Ó kọ́kọ́ yí mọ́tò náà ká, ọwọ́ sẹ́yìn. Ó fi ìka wọn àlàfo tó wà láàrin bọ́nẹ́ẹ̀tì àti fẹ́ńdà, ní òsì, lẹ́yìn náà ní ọ̀tún. Ti ọ̀tún fẹ̀ ju ti òsì lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo táyà iwájú, ó ní kí n fọwọ́ kàn án: ẹ̀gbẹ́ inú rẹ̀ ti jẹ, ti ìta ṣì dára. Ó fa rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn iwájú sẹ́yìn, funfun tó wà lábẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú funfun ara mọ́tò. Nígbà náà ló fi jáàkì gbé iwájú rẹ̀ sókè, ó fi òkúta méjì ti táyà ẹ̀yìn, ó gbé igi sábẹ́ irin, ó sì wọlé sábẹ́ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ohun tí à ń gbọ́ ni bó ṣe ń fi sípánà lu irin, kó, kó, kó, títí ó fi dé ibì kan tí ohùn náà kú.

Ó jáde, ó ń nu ọwọ́.

“Oga, dis motor don jam before,” ló wí. “Bad jam.”

“Irọ́ ni!” ni Bàbá pariwo.

“Papa, come look am.”

Bàbá kò lọ. Èmi lọ, Felix tẹ̀ lé mi. Okwudili tan tọ́ọ̀ṣì sí irin gbọọrọ tó gbé ẹ́ńjìnnì dúró ní ọ̀tún. Wọ́n ti gé irin náà, wọ́n sì ti jó omíràn mọ́ ọn. Ojú ibi tí wọ́n jó náà rí ṣákiṣàki bí ojú ọgbẹ́ tí kò jinná dáadáa, wọ́n fi ọ̀dà dúdú kùn ún mọ́lẹ̀. Ó ti ń là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Okwudili ní nínú ìlú, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó lè máa gbé ènìyàn, ṣùgbọ́n bí ó bá ń sáré tí táyà sì bọ́ sínú kòtò, irin náà yóò ká, ọwọ́ ìdarí kò sì ní gbọ́ràn mọ́. Ó mú fọ́ọ̀mù ọ́fíìsì jáde, ó kọ “kò yẹ” sí i, ó fọwọ́ sí i.

“Ta ló ṣe é?” Bàbá ń wo ọ̀kọ̀ọ̀kan wa. “Ta ló ṣe é fún mi?”

“Lékè ni,” ni Màmá Helen wí.

Lékè ni àbíkẹ́yìn wọn. Ní Àjíǹde ọdún tó kọjá, nígbà tí Bàbá lọ sin ẹ̀gbọ́n wọn nílé, ó gbé mọ́tò náà lọ sí Ninth Mile, ó sì kọ lu ẹ̀yìn lọ́rì tó dúró. Màmá gbé e fún àwọn tó ń jó irin ní Coal Camp. Ọjọ́ méjìlá ni wọ́n fi ṣe é. Bàbá dé ní ọjọ́ kẹrìnlá.

“Ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ ni mo rò,” ni Màmá wí fún Bàbá. “Dókítà ní kí a má bí ọ nínú.”

“Oṣù mẹ́rìndínlógún!” ni Bàbá wí. “Oṣù mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń fi gbé àwọn ọmọ ọmọ mi lọ sí Onitsha!”

Wọ́n jókòó. Mo rò pé wọ́n máa yíjú sí wa, wọn yóò sì sọ ọ̀rọ̀ kan, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan. Wọ́n yíjú sí mi lóòótọ́.

“Gbogbo ayé ti wá wo ìhòòhò ilé mi báyìí. Ṣé inú rẹ ti dùn?”

Nígbà náà ni mo pariwo. Ẹ̀rù ohùn ara mi bà mí. “Inú mi ò dùn, Bàbá! Inú ń bí mi! Ẹ ní kí n mú owó wá ní ọjọ́ Ajé. Bí mo bá ti mú un wá ńkọ́? Bí mo bá ti gbé ìyàwó mi àti Dorothy sínú rẹ̀ ńkọ́? Ta ni n bá wá bi? Ọ̀rọ̀ ẹnu yín?”

Alága ní, “Ó tó, ó tó, Láyíwọlá, o ti rí i, ó tó.” Felix ń wo bàtà rẹ̀.

Okwudili sọ mọ́tò náà kalẹ̀, ó sì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Bí a ṣe ń múra àtilọ, Bàbá dìde, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Mo rò pé àṣà ló gbé wọn, torí pé wọn kì í jẹ́ kí àlejò fi ẹsẹ̀ rìn kúrò nílé wọn.

“Ẹ dúró kí n gbé yín délé,” ni wọ́n wí.

Bàbá wo kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ wọn.

“Ẹ ṣeun, sà,” ni Bọ́lánlé wí. “A ó rìn.”

Ojú ọ̀nà GRA máa ń dá ní Sátidé, takisí kì í wọ ibẹ̀ bí ẹnikẹ́ni kò bá pè é. Títí a fi dé títì ńlá, ìṣẹ́jú méjìlélógójì ni a fi rìn ín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Bọ́lánlé dúró láti sinmi ẹsẹ̀. Ní ìgbà kẹta, lábẹ́ odi ilé ìjọba kan, ó nu ojú rẹ̀, ó ní, “Wọn kò sọ pé kí a má bínú.”

“Wọn kò sọ ọ́.”

“Wọn kò sì ní sọ ọ́.”

Ọjọ́ mẹ́tàlá ló kù fún mi láti rí mọ́tò mìíràn kí fáìlì mi tó padà sí Èkó. Mo mọ̀ pé n kò ní rí i. Mo na ọwọ́ sí i kí ó dì mí mú, ó kọ̀, ó fi ọ̀pá rẹ̀ gún ilẹ̀, ó sì tún bọ́ síwájú.